Orúkọ nǹkan ni kó o gbà lọ́wọ́ wọn, fi ẹnu ara ẹ sọ ìyókù

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí iṣẹ́ sítọ́ọ̀ ófísà kan ní ilé iṣẹ́ kan ní Odógunyàn. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ímeèlì mi bá ohun tí wọ́n kọ sínú ìkéde iṣẹ́ yẹn mu, mo ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kà á, ó ní ṣe ni mo kó ọ̀rọ̀ wọn tí mo tún dá a padà fún wọn. Mo wá yí gbogbo ẹ̀ padà, ó tún ní òun ò mọ iṣẹ́ tí mò ń wá mọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti wà nídìí sítọ́ọ̀ ní kóòdù rúùmù kan ní Sábó. Báwo ni kí n ṣe é?" — Àbúrò yín, Ágíríìkì, Ìkòròdú

Àbúrò mi, ọ̀rẹ́ ẹ sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì o. Mo ka ímeèlì méjèèjì tó o fi ránṣẹ́ sí mi, mo sì ka ìkéde iṣẹ́ yẹn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nínú èyí tó o kọ́kọ́ kọ, o ní o lè gba ọjà wọlé kó o sì fi wébìlì yẹ̀ ẹ́ wò, o lè tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjà, o lè ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan ń dúró tì ọ́, bí wọ́n ṣe tò ó lo ṣe tò ó, kódà kọ́mà wọn wà níbi tí wọ́n fi í sí. Nínú ìkejì, ẹ̀rù ti bà ọ́, o wá sọ kíka sítọ́ọ̀kù di "àyẹ̀wò ohun ìní lóòrèkóòrè", o sọ sítọ́ọ̀ di "ibi ìṣúra ọjà", o sì yọ wébìlì kúrò pátápátá. Ẹni tó ń wá sítọ́ọ̀ ófísà máa wá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹ̀ nínú lẹ́tà yẹn títí, kò ní rí i.

Ohun tó fa wàhálà yẹn ni pé o rò pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìkéde iṣẹ́, tó o bá fẹ́ mú, o mú gbogbo ẹ̀, tó o bá fẹ́ fi sílẹ̀, o fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ orúkọ nǹkan: sítọ́ọ̀ ófísà, wébìlì, kíka sítọ́ọ̀kù, Excel. Orúkọ yẹn kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ yẹn, ti gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ni. Tó o bá fẹ́ lọ sí Èbúté, Èbúté lo máa sọ fún ọlọ́kadà, o ò ní máa wá ọ̀nà míì tó o máa gbà pè é torí pé ẹni tó wà níwájú ẹ náà ti sọ Èbúté. Nítorí náà gbogbo orúkọ nǹkan tó bá wà nínú ìkéde iṣẹ́ tó sì jẹ́ ohun tó o ti ṣe lóòótọ́, bí wọ́n ṣe pè é gan-an ni kí ìwọ náà pè é, má ṣe yí i padà rárá.

Àwọn ọ̀rọ̀ kejì ni àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣàpèjúwe irú èèyàn tí wọ́n fẹ́: ẹni tó já fáfá, ẹni tó lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìnira, ẹni tó mọ bí èèyàn ṣe ń bá èèyàn ṣiṣẹ́ pọ̀, ẹni tí ò ní kó sùúrù dànù. Gbogbo ìyẹn, fi sílẹ̀ fún wọn, má mú ẹyọ kan. Kò sẹ́ni tó ń wáṣẹ́ tó máa sọ pé òun ò já fáfá, torí náà ọ̀rọ̀ yẹn ò sọ nǹkan kan nípa ẹ, òun gan-an ló sì máa ń jẹ́ kí lẹ́tà dún bí ohun tí wọ́n kó.

Àwọn ìkẹta wá ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fúnra ẹ̀, ohun tí wọ́n ní kó o máa ṣe. Wò ó bó ṣe máa ń rí: àṣẹ ni wọ́n máa ń fi í pa. Gba ọjà wọlé. Ka sítọ́ọ̀kù. Kọ ìròyìn. Àṣẹ ò ní ọjọ́, kò ní ibì kan, kò ní iye. Ìwọ tó ti ṣe é, tìẹ gbọ́dọ̀ ní ọjọ́, ó gbọ́dọ̀ ní ibì kan, ó gbọ́dọ̀ ní iye. Tó o bá ti fi "mo lè" bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àṣẹ wọn lo fẹ́ dá padà fún wọn. Tó o bá fi "mo ṣe" tàbí "mo máa ń ṣe" bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹnu ẹ ò ní lè sọ ọ̀rọ̀ wọn mọ́, tipátipá ló máa fi sọ tìẹ.

Jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ orúkọ nǹkan tó bẹ́ẹ̀. Mo ṣiṣẹ́ fún ọdún bíi mélòó kan ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ kan lọ́nà Ṣàgámù níbẹ̀ yẹn, èmi ni mo máa ń ṣí àpótí ímeèlì tí àwọn tó ń wáṣẹ́ ń kọ sí. Tí wọ́n bá ti kéde iṣẹ́ sítọ́ọ̀, ímeèlì á ya wọlé bí omi. Ọ̀gá mi ò ní ráyè ka gbogbo ẹ̀, ó máa sọ fún mi pé, "Kó àwọn tó ti gba ọjà pẹ̀lú wébìlì rí jọ fún mi." Ohun tí mo máa ṣe ò ju kí n lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wá ọ̀rọ̀ lókè ímeèlì, kí n tẹ ọ̀rọ̀ yẹn síbẹ̀, gbogbo ímeèlì tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú ẹ̀ á jáde, àwọn tó kù á wà níbi tí wọ́n wà. Èèyàn lè ti fi ọdún mẹ́wàá gba ọjà wọlé o, tó bá jẹ́ "ìwé ìfiránṣẹ́ ẹrù" ló pe wébìlì, mi ò rí i. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé mo fẹ́ ibi fún un. Ìdí nìyẹn tí ímeèlì ẹ kejì fi léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àmọ́ mo tún rí èyí tí wọ́n kó náà, mo rí i dáadáa. Arákùnrin kan wà tó kọ̀wé sí wa, ó kó o débi pé ó gbàgbé láti yí "ilé iṣẹ́ wa" padà, ó wá kọ ọ́ sí wa pé òun máa ṣe ojúṣe òun "ní ilé iṣẹ́ wa". Omíràn wà tó jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ló tú u fó, bí lẹ́tà ẹ̀ ṣe rí lójú ni. Ìlà méjì àkọ́kọ́ dúdú, wọ́n tóbi díẹ̀, ìlà mẹ́rin tó tẹ̀ lé e rí bí eérú, wọ́n kéré, ìyẹn ni pé ó kọ́pì í láti orí wẹ́ẹ̀bù tó ti rí iṣẹ́ náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀, àwọ̀ àti ìtóbi ibi tó ti kó o sì bá a wá. Lójú fóònù tiẹ̀ ó lè má hàn, lójú kọ̀ǹpútà tiwa ó hàn kedere. Tó bá pọn dandan kó o kọ́pì orúkọ nǹkan kan láti inú ìkéde, lórí kọ̀ǹpútà, má fi Ctrl+V lẹ̀ ẹ́, Ctrl+Shift+V ni kó o lò nínú Gmail, ìyẹn á fi àwọ̀ àti ìtóbi wọn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ nìkan lá wọlé. Tó bá jẹ́ fóònù lo fẹ́ fi kọ ọ́, ọwọ́ ara ẹ ni kó o fi tẹ̀ ẹ́.

Ó dáa, ìyẹn ni ohun tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ ṣe. Báwo la ṣe máa wá ṣe é?

Ìdí tí mo fi pè ọ́ lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, tí mo ní kó o pa ìkéde yẹn dé, kó o sọ fún mi ní Yorùbá bí ọjọ́ kan ṣe máa ń rí níbi iṣẹ́ ẹ. O rántí ohun tó o kọ́kọ́ sọ? O ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí nǹkan gidi kan tí mò ń ṣe níbẹ̀, mo kàn ń ka páálí ẹja ni." Mo ní kó o sọ bó o ṣe ń kà á. O wá bẹ̀rẹ̀. O ní tírélà máa ń dé kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, o ní àwọn tó ń já ọjà máa ń yára torí kí yìnyín má baà yọ́, àwọn náà sì ń fẹ́ kó o fọwọ́ sí ìwé kíákíá kí wọ́n lè máa lọ, àmọ́ ìwọ ò kì í fọwọ́ sí i tó o ò bá tíì kà á tán, o máa ń ní kí wọ́n tò ó ní mẹ́wàá mẹ́wàá sílẹ̀ kó o lè fi ojú rí i. O ní ìgbà kan wà tí ìwé sọ pé páálí 120, o kà á lẹ́ẹ̀mejì, 117 ni, dẹ́rẹ́bà sì ń bínú pé o fẹ́ fi àkókò òun ṣòfò. Mo ní kí lo ṣe? O ní o kọ ọ́ sára wébìlì yẹn pé mẹ́ta ò pé, o ní kí dẹ́rẹ́bà fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn lo tó fọwọ́ sí tìẹ, wọ́n sì yọ owó páálí mẹ́ta yẹn fún ọ̀gá ẹ nígbà tó fẹ́ sanwó.

Àbúrò mi, iṣẹ́ sítọ́ọ̀ ófísà gan-an lo sọ yẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fọwọ́ sí wébìlì láìkọ ohun tí ò pé síbẹ̀, ó ti gbà pé ọjà pé, ó máa ṣòro kó tó rí owó ẹ̀ gbà padà. Ìwọ mọ ìyẹn láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ, o sì fi sílẹ̀ kúrò nínú ímeèlì, o wá kọ "mo lè fi wébìlì yẹ ọjà wò" sípò ẹ̀.

Kí o sọ ọ́ ní Yorùbá kó o tó kọ ọ́, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gé okùn tó so ọwọ́ ẹ mọ́ ìkéde iṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìkéde yẹn, tó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì náà lo fẹ́ fi rò ó, gbólóhùn wọn ló máa ń kọ́kọ́ sáré wá sí ẹ lọ́kàn torí òun lo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán. Tó o bá ti kọ́kọ́ sọ ọ́ fún èèyàn ní Yorùbá, bó o ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ fún màmá ẹ nílé, tó o wá jókòó kọ èyí tó o sọ yẹn ní Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì tìẹ ló máa jáde. Ó lè má dán bíi tiwọn. Kò burú, ìyẹn gan-an la fẹ́. Gba ohùn ẹ sílẹ̀ lórí fóònù tí ò bá sẹ́ni tó o máa bá sọ ọ́.

Ohun tó kàn ni kó o mú ìkéde náà kó o yan ohun tó o máa dáhùn níbẹ̀. Nǹkan mẹ́sàn-án ni wọ́n tò síbẹ̀, o sì gbìyànjú láti dáhùn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ìyẹn náà wà lára ohun tó jẹ́ kó dà bí ìwé tí wọ́n kó. Mẹ́ta ti tó, tó bá pọ̀ jù, mẹ́rin. Tún ìkéde yẹn kà, kó o wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo kà á, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dárúkọ ìyàtọ̀ láàárín ìwé àti ọjà: wọ́n sọ ọ́ nínú iṣẹ́ kejì, wọ́n tún sọ ọ́ nínú ìkarùn-ún, wọ́n tún wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sọ irú ẹni tí wọ́n fẹ́. Ilé iṣẹ́ tó bá sọ nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mẹta nínú ojú ìwé kan, ibẹ̀ ló ti ń dùn wọ́n. Ó ṣeé ṣe kí ọjà ti máa sọnù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kàn máa ń kọ ohun tó bá wù ú. Má wá kọ ọ́ sínú lẹ́tà o, pé o ti rí i pé ọjà ń sọnù lọ́wọ́ wọn, ìbínú ni wọ́n máa fi kà á. Ìtàn páálí 120 yẹn ni kó o sọ, àwọn fúnra wọn á so ó pọ̀.

Nítorí náà ohun tá a máa dáhùn ni gbígba ọjà wọlé, kíka sítọ́ọ̀kù, àti àkọsílẹ̀ lórí Excel. A máa fi FIFO kún un torí pé wọ́n dárúkọ ẹ̀, torí pé ìwọ náà ń ṣe é lójoojúmọ́, èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló ń kọ́kọ́ jáde, nínú ẹja ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé rárá. Àwọn tó kù, ẹ̀mí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àti gbogbo ìyẹn, a ò ní fọwọ́ kàn án.

Mo ti wá kọ ímeèlì náà sílẹ̀ báyìí láti inú ohun tó o sọ lórí fóònù. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ ní Yorùbá, kó o má baà kó tèmi náà. Ìwọ lo máa sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ.

"Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti wà nídìí sítọ́ọ̀ kóòdù rúùmù kan ní Sábó, Ìkòròdú, èmi ni mò ń fi wébìlì gba ọjà wọlé, èmi ni mo sì ń ka sítọ́ọ̀kù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ipò sítọ́ọ̀ ófísà tẹ́ ẹ kéde fún Odógunyàn ni mò ń kọ̀wé fún.

Mi ò kì í fọwọ́ sí wébìlì tí mi ò bá tíì ka páálí tán. Ìgbà kan wà tí wébìlì sọ 120, tí mo ka 117 lẹ́ẹ̀mejì, dẹ́rẹ́bà sì ń dúró. Mo kọ mẹ́ta tí ò pé sára wébìlì náà, dẹ́rẹ́bà fọwọ́ sí i, èmi náà wá fọwọ́ sí i, wọ́n sì yọ owó mẹ́ta yẹn nígbà tí ọ̀gá mi fẹ́ sanwó.

Alaalẹ́ Sátidé ni mo máa ń ka gbogbo sítọ́ọ̀kù, màá fi wé ohun tó wà lórí Excel. Tí wọn ò bá dọ́gba, mi ò kì í tilẹ̀kùn tí mi ò bá tíì mọ ìdí ẹ̀. FIFO la fi ń tà, èyí tó ti pẹ́ la máa ń tò síwájú, torí ẹja tó bá pẹ́ jù nínú yìnyín máa ń gbẹ, oníbàárà á sì dá a padà.

Mi ò tíì lo Sage rí. Excel ni mò ń lò, èmi ni mo sì ṣe ṣíìtì tí a ń lò níbi iṣẹ́ wa báyìí.

Ágíríìkì ni mò ń gbé, mo lè dé Odógunyàn kí aago méje àárọ̀ tó lù. Sífíì mi wà pẹ̀lú ímeèlì yìí.

Ẹ ṣeun."

Orúkọ ẹ àti nọ́ńbà ẹ ló kù kó o fi sísàlẹ̀. Kò gùn jù, ẹni tó bá ń fi fóònù kà á á yí i sókè díẹ̀ ni, á ti parí.

Wá fi í wé ìkéde iṣẹ́ yẹn báyìí. Gbogbo orúkọ nǹkan tí wọ́n ń wá ló wà níbẹ̀, tó o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lórí ìkéde ni kó o ṣe kọ ọ́, lẹ́tà sí lẹ́tà:

```
Store Officer
waybill
stock count
Excel
FIFO
```

Àmọ́ kò sí gbólóhùn wọn kankan níbẹ̀. Mú ọ̀rọ̀ wébìlì nìkan ká wò ó. Wọ́n ní kí ẹni náà "gba ọjà wọlé kí ó sì fi wébìlì yẹ̀ ẹ́ wò". Ìwọ sọ pé o ò kì í fọwọ́ sí i tó o ò bá tíì kà á tán. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló pa yín pọ̀, wébìlì, ìyókù jẹ́ ohun tí ẹni tí ò dúró nídìí tírélà rí ò ní mọ̀ pé ó yẹ kóun sọ. Mo sì fẹ́ kó o wo bí "ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìnira" ṣe wà nínú ẹ̀ láìjẹ́ pé a dárúkọ ẹ̀: dẹ́rẹ́bà ń dúró, ìwọ ń kà á. Kò sẹ́ni tó máa ka ìyẹn tó máa tún bi ọ́ pé ṣé o lè fara da ìnira.

Ọ̀rọ̀ Sage yẹn, ìyẹn ètò ìṣírò owó orí kọ̀ǹpútà, mo mọ̀ pé ó máa kọ ọ́ lóminú. Wọ́n kọ ọ́ pé á dáa tí èèyàn bá mọ̀ ọ́n lò, ìwọ ò sì mọ̀ ọ́n, nínú ímeèlì ẹ àkọ́kọ́ o ní o "ní ìmọ̀ Sage". Yọ ọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé tí ẹnì kan bá ti fi ìkéde iṣẹ́ ṣe àwòkọ́ṣe, ó máa ń ṣòro fún un láti fo ohun tí ò ní, ó máa ń ṣe é bíi pé ihò máa hàn níbẹ̀. Jẹ́ kó hàn. Sọ ọ́ ní gbólóhùn kúkúrú kan, kó o sọ ohun tó o ń lò dípò ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó o kúrò níbẹ̀, má bẹ̀bẹ̀, má sọ pé o máa ń tètè kọ́ nǹkan. Àwa tá à ń ka ímeèlì, tá a bá rí ẹni tó ní gbogbo nǹkan mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tá a kọ, a máa ń fura. Ẹni tó sọ èyí tí òun ò ní, a máa ń gba àwọn tó kù gbọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ pé dandan ni, kì í ṣe pé á dáa, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn, o lè kọ̀wé síbẹ̀ o, ṣùgbọ́n má retí púpọ̀.

Nígbà tó o bá ti kọ ti Gẹ̀ẹ́sì tán, yẹ̀ ẹ́ wò báyìí. Tẹ ìkéde iṣẹ́ yẹn jáde ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Gáréèjì, tàbí kó o kọ ọ́ sínú ìwé, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ímeèlì ẹ. Mú bírò. Níbikíbi tí ọ̀rọ̀ mẹ́rin bá ti tò tẹ̀ lé ara wọn bákan náà nínú méjèèjì, fa ìlà sábẹ́ ẹ̀. Tí mẹ́rin yẹn bá jẹ́ orúkọ nǹkan, irú bí orúkọ ipò iṣẹ́, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Tí kì í bá ṣe orúkọ, tún un sọ. Nínú ímeèlì ẹ àkọ́kọ́, mo fa ìlà sábẹ́ ibi mọ́kànlá. Mẹ́rin yẹn kì í ṣe òfin ẹnì kankan o, ibi tí mo rí i pé ojú máa ń ti dá a mọ̀ ni.

Lẹ́yìn náà, ronú nípa ọmọ ilé kejì tẹ́ ẹ jọ ń wá iṣẹ́ yìí. Ká ní ó pa orúkọ ẹ rẹ́ lórí ímeèlì yẹn, tó kọ tiẹ̀ síbẹ̀, ṣé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ṣì máa jẹ́ òótọ́? Gbólóhùn èyíkéyìí tó bá ṣì jẹ́ òótọ́ fún un, kì í ṣe tìẹ, ti ìkéde iṣẹ́ ni. Àyàfi ọ̀rọ̀ bíi sífíì tó wà pẹ̀lú ímeèlì, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ orí ímeèlì náà ò gbọ́dọ̀ gba àkókò ẹ púpọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìkéde pé kí o fi orúkọ ipò iṣẹ́ ṣe àkọlé. Ibẹ̀ yẹn ni wọn ò fẹ́ kó o dá ọgbọ́n kankan, bí wọ́n ṣe ní kó o kọ ọ́ ni kó o kọ ọ́, orúkọ ẹ á wá tẹ̀ lé e:

```
Store Officer, Odogunyan - Orúkọ Ẹ
```

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ú lọ ni ìlà àkọ́kọ́ nínú ímeèlì. Nínú àpótí ímeèlì, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i, àkọlé ló máa rí, á tún rí ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ímeèlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tàbí lábẹ́ ẹ̀. Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ohun tí mo máa ń rí látòkè délẹ̀ ni "mò ń kọ̀wé láti fi ìfẹ́ hàn sí ipò", "mò ń kọ̀wé láti fi ìfẹ́ hàn sí ipò", gbogbo wọn jọra. Ìdí nìyẹn tí tìẹ fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún mẹ́ta àti sítọ́ọ̀ àti Sábó, tí orúkọ ipò iṣẹ́ sì wá lẹ́yìn. Má yí i padà nígbà tó o bá ń sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì.

Sífíì ẹ náà, mo rí i, o kọ "ó ń bójú tó ọjà" sábẹ́ kóòdù rúùmù, ó tán síbẹ̀. Ímeèlì wá ń sọ Excel, ó ń sọ FIFO, sífíì ò mọ̀ wọ́n rí. Ẹni tó bá ka méjèèjì máa rò pé o kó ọ̀rọ̀ yẹn láti inú ìkéde lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ o ò kó o. Fi ìlà mẹ́ta kún un: wébìlì, kíka sítọ́ọ̀kù ní Sátidé, ṣíìtì Excel tó o ṣe. Kó o tó fi ránṣẹ́, yí orúkọ fáìlì ẹ̀ padà kúrò ní `CV new final.pdf`, kọ orúkọ ẹ àti ipò iṣẹ́ síbẹ̀.

Ìwé ẹ̀sáásì tó o sọ pé o máa ń kọ iye páálí sí kó o tó gbé e sórí Excel, wá a jáde láti ìsinsìnyí, kó o wá ojú ewé tí 117 yẹn wà. Tí wọ́n bá pè ọ́ fún íntáfíù, ibẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè, wọ́n á ní kó o ṣàlàyé bó o ṣe mọ̀ pé mẹ́ta ò pé nígbà tí dẹ́rẹ́bà ní ó pé. Bó o ṣe sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe tò ó ní mẹ́wàá mẹ́wàá, tí ìlà tó kẹ́yìn jẹ́ méje, bẹ́ẹ̀ náà ni kó o sọ ọ́ fún wọn.